Ibi ìmọ́ra Màmá ní Òkèlele: bí a ṣe yàn láàárín bùtà, bìdé àti sípíréè

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kìíní

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Màmá wa ṣubú ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Ilẹ̀ ò yọ̀, iná sì wà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé bùtà tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ni orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé ara rẹ̀ ró, ibẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ti sán. Wọ́n ti tú ohun tí wọ́n fi dì í nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ò tíì lè gbé nǹkan tó wúwo.

Ẹni tó bá mọ bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe ìmọ́ra á ti mọ ibi tí wàhálà wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń da omi, òsì la fi ń wẹ̀. Bùtà Màmá ń gba lítà méjì. Bó bá kún, ó ju kílò méjì lọ, ọwọ́ tó sán ni yóò sì gbé e, tí yóò yí i gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ sẹ́yìn ara. Kò ṣeé ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú ọwọ́ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń bá a da omi. Màmá ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò mu omi dáadáa mọ́ lọ́sàn-án, kó má baà máa pe ọmọ náà léraléra. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fi Gaà Àkàńbí sílẹ̀ lónìí wá sí Òkèlele nínú Ìlọrin yìí, kí n tó ba nǹkan míì jẹ́ sí i.

Mo sọ pé "ba nǹkan jẹ́" nítorí pé sípíréè kan, èyí tí a ń fi ọwọ́ mú fọ́n omi láti ẹnu okùn, ti wà níbẹ̀ rí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra á, tí púlọ́ńbà kan bá wa so ó. Kò pé oṣù mẹ́rin tí a fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí omi ti kún gbọ̀ngán, tánǹkì onílítà ẹgbẹ̀rún kan ti gbẹ pátápátá. A tú u kúrò, a dí ẹnu páìpù náà, Màmá padà sídìí bùtà. N kò wádìí ohun tó fà á nígbà náà. Mo kàn gbà pé nǹkan yẹn ò dára. Lónìí ni mo wá yọ òkú sípíréè náà láti inú àpótí irin iṣẹ́, mo sì jókòó tì í lábẹ́ iná.

Ohun tí òkú sípíréè náà wí

Okùn rẹ̀ ò já, orí rẹ̀ ò fọ́. Nọ́ọ̀tì oníke tó so okùn mọ́ páìpù ló là láti ẹnu dé ìdí, ó là tààrà bí ẹ̀pà. Ihò eyín sípánà sì wà lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo tún rí tépù funfun tó lọ́ mọ́ inú rẹ̀, ó pọ̀ débi pé ó ti dì bí òwú.

Ibi tí púlọ́ńbà náà ti ṣì í ṣe nìyẹn. Oríṣi ìsopọ̀ méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni irin wọ inú irin, tí kò ní nǹkan kan láàárín. Ibẹ̀ ni tépù wúlò sí, torí òun ni yóò dí àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Èkejì ni nọ́ọ̀tì okùn, tó ní wọ́ṣà rọ́bà nínú. Níbẹ̀, rọ́bà náà ló ń dí omi, kì í ṣe ìlà nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá lọ́ tépù síbẹ̀, nọ́ọ̀tì yóò le kí rọ́bà tó tẹ̀, omi yóò máa jò, púlọ́ńbà yóò fi sípánà fún un sí i, ike yóò sì máa na ara rẹ̀ láti inú. Ó lè fara dà á fún oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, láàárín òru, ó là.

Ìdí kejì ni pé kò sí fáàfù tirẹ̀ fún sípíréè náà. Wọ́n so ó mọ́ páìpù tó ń gbé omi lọ sí ìjókòó, wọ́n sì fi ìtẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀ nìkan dá omi dúró. Tọ̀sán tòru ni omi ń ti okùn àti nọ́ọ̀tì náà, bóyá ẹnì kan ń lò ó tàbí kò lò ó. Bí fáàfù bá wà níwájú okùn, tí wọ́n sì ń tì í lẹ́yìn ìlò, nọ́ọ̀tì tó là lóru ò ní tú omi jáde ju èyí tó wà nínú okùn lọ, ìyẹn ò sì ju ife omi kan lọ.

Ọjọ́ Àìkú

Kí n tó ra ohunkóhun, mo fẹ́ mọ bí omi ilé yìí ṣe lágbára tó. Tánǹkì wa wà lórí ìdúró onírin lẹ́yìn ilé. Mo fi tépù ìwọ̀n wọ̀n ọ́n: ìsàlẹ̀ tánǹkì ga sí ilẹ̀ ní mítà 4.5. Ibi tí Màmá yóò gbé di sípíréè mú ga tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku mítà 3.8. Ní òṣùwọ̀n agbára omi tí wọ́n ń pè ní báà, mítà mẹ́wàá omi ló ń fún wa ní báà kan, nítorí náà agbára tiwa kò tó ìdajì báà, ó wà ní nǹkan bíi 0.38, nígbà tí tánǹkì bá fẹ́ẹ̀ gbẹ. Bó bá kún, ó lé díẹ̀.

Nọ́ńbà yìí ló yanjú ọ̀rọ̀ bìdé tí a ń dè mọ́ abẹ́ ìjókòó, èyí tó ní ẹnu tín-ín-rín tó ń yọ jáde láti fọ́n omi. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń pariwo ẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ọwọ́ ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, Màmá kàn máa yí nǹkan kan ni. Òótọ́ ni, fún ilé tó ní ẹ̀rọ tó ń ti omi. Mo mọ ọ̀kan ní Tánkẹ̀, nílé ọ̀rẹ́ mi, tánǹkì wọn ò ga ju tiwa lọ. Omi ibẹ̀ yọ, ó tẹ̀ kọrọdọ, kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ihò ẹnu rẹ̀ kéré púpọ̀, iyanrìn wẹ́wẹ́ láti inú bọ́ọ̀hóòlù sì ti dí méjì nínú wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ kò ní lè máa tẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti tú ihò bẹ́ẹ̀.

Bìdé gidi, èyí tó dúró bí àwo kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, tún wà. Orúkọ rẹ̀ wá láti èdè Faransé, ẹṣin kékeré ló túmọ̀ sí, torí pé wọ́n ń jókòó lé e bí ẹni gun ẹṣin. Láti ọdún 1975 ni òfin Ítálì ti ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan ó kéré tán. Ẹgbẹ́ ìjókòó Màmá sí ògiri ò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, nítorí náà a ò rí àyè gbé e sí. Kódà bí àyè bá wà, Màmá á ní láti dìde, kó yí padà, kó tún jókòó ní ibòmíràn pẹ̀lú orúnkún tó ń yẹ̀. Ìdìde yẹn gan-an ni mo ń sá fún.

Ó ku sípíréè, èyí tí àwọn Àlájì tó ti Mẹ́kà dé ń pè ní ṣatáàfù. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, ó ní, "Mi ò fẹ́ o. Èyí tẹ́lẹ̀ yẹn a máa ta omi sí mi lára bí òjò. Bí nàjísì bá kàn mí láṣọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ kírun?"

Mi ò bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ló sọ. Sípíréè tó ní agbára púpọ̀ ń gbá omi padà láti inú àwo, èyí tó gbá padà ló sì máa ń kan ẹsẹ̀ àti ìdí aṣọ. Mo kàn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi bókẹ́ẹ̀tì dán an wò lójú yín kí ẹ tó kọ̀ ọ́." Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó tì í o.

Ọjọ́ Ajé: ọjà

Mo lọ wo ọjà àwọn olùtà nǹkan ilé kíkọ́. Mo gbé mẹ́rin sórí kántà, mo sì fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí ọwọ́ ọ̀tún mi lágbára jù láti fi ṣe ìdájọ́ fún Màmá. Èyí tó ní ìtẹ̀ níwájú bí ìbọn, ìka mẹ́rin ni yóò fà á, ó sì le. Èyí tó ní ìtẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, tí àtàǹpàkò ń tẹ̀, rọ̀ púpọ̀. Ohun tí Màmá ò lè ṣe ni kó di nǹkan mú gírígírí. Kó tẹ nǹkan pẹ̀lú àtàǹpàkò kò ṣòro fún un, torí mo rí i tó ń tẹ tẹsúbáà oníbọ́tìnì lójoojúmọ́. Èyí onítẹ̀-ẹ̀yìn ni mo mú.

Lẹ́yìn náà ni mo wo nọ́ọ̀tì. Irin sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tàbí bíráàsì ni mo fẹ́ ní ìdí méjèèjì okùn. Ike tí wọ́n kùn bí irin ń tàn ju irin gidi lọ, ojú nìkan ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ti irin tutù, ó sì wúwo. Ike gbà ooru ọwọ́ kíákíá, ó sì fúyẹ́ bí èso àgbàdo. Mo ra fáàfù igun oníbíráàsì, èyí tí a ń yí ní ìdámẹ́rin péré tó sì ti tì, torí kò yẹ kí Màmá máa yí nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo ra tíì kan, ìyẹn ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, ìkọ́ irin kan, àti fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn.

Ti fáàfù ìkẹyìn yìí gba àlàyé, ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà kì í dá sí i. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ tí tánǹkì gbẹ, tí sípíréè bọ́ kúrò lórí ìkọ́ rẹ̀ tó sì bọ́ sínú àwo tàbí bókẹ́ẹ̀tì omi ìdọ̀tí. Ẹnì kan wá ṣí ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀, bíi ti ibi ìfọṣọ. Omi tó kù nínú páìpù ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó ń fa ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìtẹ̀ sípíréè náà bá ti jẹ tó ń jò, omi inú bókẹ́ẹ̀tì yẹn lè wọ páìpù kan náà tí a fi ń pọn omi ìdáná. Fáàfù yìí jẹ́ kí omi máa lọ síhà kan nìkan. Ẹ lè dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ fẹnu fẹ́ ẹ láti apá kan, atẹ́gùn á kọjá, ẹ yí i padà kí ẹ fẹ́ ẹ, kò gbọ́dọ̀ kọjá rárá. Èyí àkọ́kọ́ tí ọmọ ọjà náà gbé fún mi gbà atẹ́gùn níhà méjèèjì, mo sì dá a padà. Fáàfù náà nìkan ò sì tó, torí ìdọ̀tí kékeré kan lè gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Nítorí náà, ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu àwo lọ, okùn náà ò sì gbọ́dọ̀ gùn débi tí orí sípíréè á fi dé inú omi àwo bó bá bọ́. Ti mítà kan ni mo rà, mo kọ ti mítà kan àbọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀ mí.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún náírà. Èyí tó là lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Ọjọ́rú: ìsopọ̀

Brọ̀dá púlọ́ńbà míì ló wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń gbọ́ràn. A ti omi tánǹkì, a ṣí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ títí tí páìpù fi gbẹ. A fi tíì sí ẹ̀yìn fáàfù ìjókòó. Lórí ìlà irin, a lọ́ tépù síhà tí a ó fi yí ìsopọ̀ náà mọ́lẹ̀, ìyẹn ìhà tí ọwọ́ aago ń lọ bí ẹ bá kọjú sí ẹnu rẹ̀, ó yí i po ní ìgbà mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ òdì kejì ni a lọ́ ọ sí, tépù á ká kúrò bí a ti ń yí i. Fáàfù igun tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni fáàfù aláìpadà, pẹ̀lú àmì ọfà tó kọjú síhà sípíréè.

Nígbà tó dé ìdí okùn, ó na ọwọ́ sí tépù lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé nọ́ọ̀tì tó là hàn án. Ó yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi ìka kan ibi tó ti là, ó ní, "Àǹtí, èmi náà a máa lọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó ju tépù sínú àpò, ó rí i pé wọ́ṣà wà nínú nọ́ọ̀tì, ó yí i pẹ̀lú ọwọ́ títí ó fi dúró, ó sì fi sípánà fún un ní ìdámẹ́rin péré. Kò sí omi tó jò.

Ìkọ́ náà ló gba àkókò jù. Mo ní kí Màmá jókòó lórí ìjókòó pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, kó jẹ́ kí apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó wá na ọwọ́ láìyí ejìká. Ibi tí ìka rẹ̀ kan ògiri ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ: sẹ̀ǹtímítà 68 láti ilẹ̀, níwájú díẹ̀ sí orúnkún rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn níbi tí wọ́n máa ń fi sí. Ibi ẹ̀yìn ìjókòó ló mọ́ ojú, ṣùgbọ́n ẹni tó ní orúnkún àti ọwọ́ bíi tirẹ̀ á ní láti lọ́ ara rẹ̀ láti dé ibẹ̀. Fáàfù igun náà wà lábẹ́ ìkọ́ gan-an.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé bókẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí fáàfù dé òpin, mo fọ́n sípíréè sínú ike onílítà kan, aago ọwọ́ mi kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 14. Ó lágbára jù fún Màmá, nígbà tó gbá sẹ́yìn ó ta sí mi lápá. Mo ti fáàfù náà dé ìdajì: ìṣẹ́jú-àáyá 22, omi náà ń tẹ̀ rọ̀rọ̀ bí omi tó ń ti ẹnu bùtà jáde. Mo fi ìkọ̀wé dúdú ṣe àmì kan sára fáàfù ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó dúró. Bí Màmá bá lò ó fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, kò ní gbà ju lítà kan lọ, ìyẹn jẹ́ ìdajì bùtà rẹ̀.

Mo sọ fún un ní kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ bí yóò ṣe máa lò ó: kó kọ́kọ́ ṣí omi sínú àwo díẹ̀, torí omi tó ti wà nínú páìpù ìta máa ń gbóná nígbà tí oòrùn bá mú, kó jẹ́ kí omi máa lọ láti iwájú sẹ́yìn, kì í ṣe láti ẹ̀yìn wá síwájú, torí èyí tó bá ti ẹ̀yìn wá lè gbé àrùn sínú ibi tí ìtọ̀ ń gbà, kó má sì fọ́n ọn sínú ara. Ìgbà tó bá parí, kó ti fáàfù, kó sì tẹ ìtẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kí okùn lè rọ̀.

Ó ní kí gbogbo wa jáde. A dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, èmi àti púlọ́ńbà. A gbọ́ omi, ó dákẹ́, a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó jáde, ó yẹ ìdí ìró rẹ̀ wò yíká, kò sí ibi tó tutù. "Èyí dà bíi pé mo ń da bùtà," ó ní, ó sì lọ ṣe àlùwàlá.

Bùtà náà wà níbẹ̀

A ò kó bùtà kúrò. Bí iná ọba bá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ bọ́ọ̀hóòlù kì í fa omi, tánǹkì á gbẹ, sípíréè á sì di nǹkan ìlẹ̀mọ́ ògiri. Àmù Dàda tí Màmá ní láti ìgbà tó wọ ilé ọkọ ṣì wà ní igun ilé ìwẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi. Mo kan pátákó kékeré mọ́ ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 75, mo ra bùtà tuntun tó ń gba lítà kan péré, tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò tí ìka mẹ́rin lè wọ̀. Kò ní máa bẹ̀rẹ̀ gbé bùtà nílẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Ní àṣálẹ́ Fáráídéè, mo fi tíṣù gbígbẹ yí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ká, mo fi sílẹ̀ títí di òwúrọ̀. Gbogbo wọn gbẹ, àfi èyí tó wà ní ìdí orí sípíréè, tó ní àmì ọ̀rinrin bíi kọ́bọ̀. Mo tú u, wọ́ṣà rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tò ó dáadáa, mo yí i pẹ̀lú ọwọ́, kò jò mọ́. Ojú sípíréè ti ní iyanrìn wẹ́wẹ́ bíi mẹ́ta nínú ihò rẹ̀. Mo ṣí i, mo fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù fọ̀ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé wọn ò pe òun láti ọ̀sẹ̀ kejì. Màmá sì ti ń mu omi rẹ̀ lọ́sàn-án, ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tán nígbà tí mo dé.

Mo yẹ bùtà orí pátákó wò. Iná ò lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo rí ìdin ẹ̀fọn kéékèèké tí wọ́n ń jó nínú omi. Mo da omi náà nù, mo fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀, mo sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí pátákó. Ọmọ náà ni yóò máa pọn omi sí i lọ́jọ́ tí tánǹkì bá gbẹ.